Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yẹ áàtì wò kí ẹ tó ra kílọ́sítà

1/
Inú ń bí mi lónìí, ẹ fara dà á fún mi. Wọ́n ti gba ₦110,000 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ nínú ọkọ̀. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n tún ní kó mú ₦180,000 wá fún ohun mìíràn tí kò bàjẹ́. Ohun tó bàjẹ́ gan-an, bóòtì kan ni. Bóòtì kan ṣoṣo tó ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, torí mo mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú yín.

2/
Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni, mi ò ní dárúkọ irú rẹ̀. Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà, Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀nà wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí eré, gbogbo abẹ́rẹ́ iwájú wọn ṣubú sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Ti eré, ti yíyí ẹ́ńjìnnì, ti epo, ti gbígbóná, gbogbo ẹ̀ pátá. Iná ABS tàn, iná ẹ́ńjìnnì tàn, ti éàbáàgì tàn, ti bátìrì náà tàn. Ẹ́ńjìnnì ò kú o, ọkọ̀ ń lọ ní tiẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, abẹ́rẹ́ dìde padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

3/
Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà. Ọkùnrin náà wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Àǹtí, kílọ́sítà yín ti kú." Kílọ́sítà ni odindi àwo tí gbogbo abẹ́rẹ́ àti iná ìkìlọ̀ wà lójú ẹ̀ níwájú awakọ̀. ₦95,000 fún èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, ₦15,000 owó iṣẹ́. Kò yọ mọ́tímítà kankan jáde. Kò béèrè ìgbà wo ló máa ń ṣe é. Ojú ló fi wò ó, ẹnu ló fi dájọ́.

4/
Ọjọ́ mẹ́ta ni ayọ̀ náà fi pẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, abẹ́rẹ́ tún ṣubú, iná tún tàn. Ọ̀ràn mìíràn sì ti wọlé: ọkọ̀ tó ti rin kìlómítà 148,000 wá ń kà 212,000, torí pé inú kílọ́sítà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń tọ́jú iye tí wọ́n ti rìn sí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ₦110,000 ra ìṣòro tiwọn pẹ̀lú ọjọ́ orí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, ta ni yóò gbà pé àwọn ò purọ́? Nínú àwọn ọkọ̀ kan, kílọ́sítà yìí kan náà ló ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Tí ẹ bá kàn yọ tiyín tí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà bá a mọ ara wọn, ọkọ̀ ò ní ṣáná rárá.

5/
Ìgbà tí wọ́n padà lọ, ìdájọ́ ti yí. "Ó jọ pé bíréènì bọ́ọ̀sì ni o." ₦180,000. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí. Mi ò kí ń ṣe rìwáyà, iná mànàmáná ni mo kọ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ "gbogbo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà," mo ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ kan.

6/
Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò kékeré tiẹ̀ tó ń gbé e lẹ́yìn kílọ́sítà. Tí mọ́tò kan bá bàjẹ́, abẹ́rẹ́ kan ni yóò máa ṣe bó ṣe wù ú, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Irú ẹ̀ ló gbajúmọ̀ lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù GM bíi Silverado ọdún 2003 sí 2006: abẹ́rẹ́ eré á há síbì kan, ti epo á máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí gbogbo abẹ́rẹ́ bá ṣubú pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má wá arùn náà lára abẹ́rẹ́. Ẹ wá a lára ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò.

7/
Kí ni wọ́n jọ ń lò? Ohun mẹ́ta péré. Ìkíní, iná tó ń wọlé láti bátìrì, tó ń gba inú fíúsì kọjá. Ìkejì, áàtì, ìyẹn wáyà tí iná fi ń padà sí ẹsẹ̀ òdì bátìrì. Ìkẹta, wáyà ọ̀rọ̀, èyí tí bíréènì bọ́ọ̀sì àti ABS fi ń sọ fún kílọ́sítà iye eré tí ọkọ̀ ń sá àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, áàtì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Kò sí ẹni tó ń rántí ọ̀nà àbọ̀.

8/
"Ìná ABS àti éàbáàgì tó tàn ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé bíréènì bọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ ni?" Rárá. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, tí kílọ́sítà ò bá gbọ́ ohùn ABS fún ìgbà díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni yóò tan iná ABS. Kò mọ̀ pé etí òun ló di. Ó rò pé àwọn yòókù ló yadi. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ iná tó tàn lẹ́ẹ̀kan kì í sábà túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ àrùn. Ìdí kan ṣoṣo ló máa ń wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀.

9/
Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ẹ̀gbọ́n mi ni pé: "Kí ni ẹ máa ń ṣe nígbà tó bá ṣẹlẹ̀?" Wọ́n ní ọ̀sán ni, nígbà tí oòrùn bá mú, tí àwọn bá ti yí fáànù éésì dé òpin. Wọ́n wá fi kún un pé, "Fáànù náà máa ń rẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, mo rò pé éésì ló fẹ́ bàjẹ́." Ẹ rí i bí? Oníbàárà ti mú ìdáhùn lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní. Fáànù tó ń rẹlẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tó ń ṣubú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ibì kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbà padà sílé, ibẹ̀ sì ti há. Kò sẹ́ni tó béèrè, ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ.

10/
Mo mú mọ́tímítà mi lọ, èyí tí mo ra ní ₦8,000. Rìwáyà náà wà níbẹ̀, ó ní, "Àbúrò, mo ti yẹ áàtì wò o, ó dún." Òótọ́ ló sọ. Ó fi mọ́tímítà rẹ̀ sí ibi tó ń dún píì, ó fi ẹnu kan kan áàtì kílọ́sítà, ó fi ìkejì kan irin ara ọkọ̀, ó dún. Ẹ̀yin èèyàn mi, píì yìí ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

11/
Ìdí nìyí. Iná tí mọ́tímítà fi ń dún píì kéré gan-an. Ká ní wáyà kan ní okùn ogún nínú, tí mọ́kàndínlógún ti já, ẹyọ kan tó ṣẹ́kù á gbé iná píì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà tó gba ọ̀kadà kọjá, ṣé ó di dandan kó gba tírélà? Fáànù éésì tó wà lórí eré tó ga jù, tírélà ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà gba tírélà, àfi kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí tírélà ń kọjá lórí ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ ṣáná sí ọkọ̀, ẹ tan gbogbo ẹrù, kí ẹ tó fi mọ́tímítà kàn án.

12/
Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ yí mọ́tímítà sí fóòtì, èyí tó jẹ́ ti bátìrì, kì í ṣe ti NEPA. Ẹ fi ẹnu dúdú mú ẹsẹ̀ òdì bátìrì gan-an, kì í ṣe irin tó wà nítòsí ẹ̀. Ẹ fi ẹnu pupa kan wáyà áàtì kílọ́sítà láti ẹ̀yìn, nígbà tó ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná iwájú, ẹ yí fáànù dé òpin. Áàtì tó dáa, ohun tí ẹ máa rí ò ní ju fóòtì 0.1 lọ. Tó bá ti ń tó ìdajì fóòtì, áàtì náà ti ṣàìsàn. Tó bá ju fóòtì kan lọ, ẹ má wá ọ̀daràn síbòmíràn mọ́.

13/
Ohun tí a rí: nígbà tí fáànù wà ní pípa, kò sí wàhálà, bátìrì ń ka 14.1, kílọ́sítà ń rí 14.0. Bí mo ṣe yí fáànù dé òpin, bátìrì ka 14.0, ṣùgbọ́n kílọ́sítà wá ń rí 9.6 péré. Fóòtì mẹ́rin àti lé ti sọnù sójú ọ̀nà. Ọ̀nà wo? Mo wọn ìhà tí iná ń gbà wọlé: 0.1, ìyẹn dáa. Mo wọn ìhà áàtì: 4.3. Ẹ ro ó pọ̀ fúnra yín: 9.6 àti 0.1 àti 4.3, ó jẹ́ 14.0. Ìṣirò parí, kò ṣẹ́ ku ibi tí bíréènì bọ́ọ̀sì fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni gbogbo abẹ́rẹ́ ṣubú. Rìwáyà náà dákẹ́.

14/
A tọ wáyà náà lọ. Ó wọlé sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, lẹ́yìn ike tó bo ibẹ̀. Bóòtì kan ló di etí wáyà mẹ́rin pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Omi òjò ti ń jò síbẹ̀ látẹ̀yìn, ìpẹtà ti bo irin. Ẹni tó so ẹ̀rọ orin mọ́ ọkọ̀ nígbà kan ti tú bóòtì yẹn, ó ki wáyà tiẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kò sì dì í le padà. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná! Gbogbo iná tó yẹ kó lọ sílé, ibẹ̀ ló ti ń jóná dànù. Ẹ tún rí ìdí tí kílọ́sítà tuntun fi "ṣiṣẹ́" fún ọjọ́ mẹ́ta: nígbà tí wọ́n ń fa wáyà láti yọ ti àtijọ́, etí wáyà mì díẹ̀ lábẹ́ bóòtì, ó fara kan irin dáadáa fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún sọ̀.

15/
Àtúnṣe ẹ̀ ò gbà wá ní wákàtí kan. A yọ ẹsẹ̀ òdì bátìrì, a dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí iná tó kù nínú éàbáàgì lè lọ. Wáyà tí wọ́n fi àwọ̀ òféèfèé ìyeyè bò nítòsí ibẹ̀, ti éàbáàgì ni, a ò fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin náà ẹ má fọwọ́ kàn án. A tú bóòtì, a fi sanpépà ha irin títí ó fi ń dán, a gé etí wáyà tó ti jóná, a fi tuntun sí i, a dì í le, a fi gíríìsì pa á lójú kí omi má bàa tún jẹ ẹ́. ₦1,500 ni gbogbo ohun tí a rà. Mo tún un wọ̀n pẹ̀lú fáànù lórí eré tó ga jù: 0.04. A dá kílọ́sítà àtijọ́ padà sáyè ẹ̀, kìlómítà wọn padà sí bó ṣe wà. Oṣù márùn-ún rèé, abẹ́rẹ́ ò ṣubú mọ́.

16/
Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń tẹ èsì: "Kílọ́sítà náà máa ń bàjẹ́ o." Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń bàjẹ́, mi ò jiyàn. Ford Focus ti bí ọdún 2005 sí 2010 lókìkí lórí ẹ̀: lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn kílọ́sítà máa ń sán, abẹ́rẹ́ á ṣubú, ọkọ̀ míì ò ní ṣáná. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀? Tí iná tó ń wọlé bá pé, tí áàtì ò bá ju 0.1 lọ nígbà tí ẹrù wà lórí ẹ̀, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì le dáadáa, síbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ bá ṣubú tó sì dìde nígbà tí ẹ bá rọra gbá orí dáṣíbọ́ọ̀dù, nígbà yẹn ẹ lè fura sí kílọ́sítà. Kódà nígbà yẹn, ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè jó lẹ́ẹ̀dì náà padà. Kò dìgbà tí ẹ bá ra odindi.

17/
Àwọn mìíràn á ní, "Síkánà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé U0155 jáde." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí U0155 ń sọ: àwọn yòókù ò gbọ́ ohùn kílọ́sítà mọ́. Ó tán. Kò sọ pé kílọ́sítà ti kú. Tí mo bá pè yín lórí fóònù tí ẹ ò gbé e, ṣé ó túmọ̀ sí pé ẹ ti kú ni? Ó lè jẹ́ pé bátìrì fóònù yín ló tán. Kílọ́sítà tí áàtì ẹ̀ sọ̀ á dákẹ́, èyí tó kú náà á dákẹ́. Síkánà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, mọ́tímítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí síkánà wúlò fún níbí yàtọ̀: tí abẹ́rẹ́ bá wà ní òdo, tí síkánà sì ń ka eré àti gbígbóná ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ, ẹ ti mọ̀ pé bíréènì bọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn nìkan ì bá ti gba ₦180,000 ẹ̀gbọ́n mi là.

18/
Ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó. Abẹ́rẹ́ gbígbóná tó ṣubú sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ojú kan náà ló ní pẹ̀lú ti ẹ́ńjìnnì tó tutù. Ẹ lè máa rò pé ọkàn yín balẹ̀, kí omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì, kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná. Ẹ ò mọ epo tó kù, ẹ ò mọ eré tí ẹ ń sá, éàbáàgì àti ABS lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà: ẹ má pa ẹ́ńjìnnì láàárín títì. Ẹ dín eré kù, ẹ pa fáànù éésì àti ẹ̀rọ orin, ẹ wá ibi tó láàbò dúró sí. Tí abẹ́rẹ́ bá dìde bí ẹ ṣe pa fáànù, ẹ ti mú ẹ̀rí kan lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀rí yẹn wúlò ju "ó kàn ṣubú ni" lọ.

19/
Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi lé rìwáyà lórí. Àwa náà, báwo la ṣe ń ṣe? Tí ẹnì kan bá lo wákàtí méjì láti wá ìdí àrùn, tó ní ká san ₦10,000, a óò ní, "Kí lo ṣe? Ṣebí o kàn ń wò ó." Ṣùgbọ́n tó bá yọ nǹkan tó tún fi òmíràn sí i, a óò san ₦110,000, a óò tún dúpẹ́. À ń sanwó fún pípààrọ̀, a kì í fẹ́ sanwó fún wíwá ìdí. Ohun tí a ń san owó lé lórí náà ni wọ́n ń tà fún wa. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe olè, ohun tí ọjà kọ́ ọ ló ṣe. Ìgbà tí a parí, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fún un ní ₦5,000 fún ọjọ́ tó bá wa lò. Kílọ́sítà tó tà fún wọn ńkọ́? Ó gbà á padà, ó dá ₦70,000 nínú ₦95,000 náà padà. A ṣì ń bá a fa ìyókù.

20/
Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé bátìrì le, tí fíúsì ò sì jó, gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání lọ sọ́dọ̀ rìwáyà yín, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn áàtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lórí iná tí fáànù wà ní òpin, kí n rí iye tó kà." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á fi hàn yín. Ẹni tó bá bínú, tó ní ìrírí ogún ọdún òun tó, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ẹ tó bẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gèlè ló kàn fún jù.